Owó orí tí Amẹ́ríkà ń yọ nínú èrè ìpín, èlé àti owó ẹ̀tọ́ kó tó dé Nàìjíríà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń fi fóònù ra ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti pọ̀ nílé wa báyìí, àwọn tó ń gbé fíìmù Yorùbá sórí YouTube náà sì ń gba owó ẹ̀tọ́ ní dọ́là lóṣooṣù, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ni iṣẹ́ nítorí pé wọ́n ń lò ó. Ohun kan náà ló ń dà wọ́n láàmú: owó tí wọ́n retí kọ́ ló ń wọlé. Ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà tí owó ń ti Amẹ́ríkà wá bá, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù.

Wọ́n ní owó orí ni wọ́n yọ nínú owó mi. Ta ló yọ ọ́? Ṣé áàpù tí mo fi ra ìpín ni?

Áàpù yín kọ́ ló ni owó náà. Òfin Amẹ́ríkà ló sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ san èrè ìpín, èlé tàbí owó ẹ̀tọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá fún àjèjì tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, kó tó san ìyókù fún olówó. Bí òfin bá fúnra rẹ̀ yọ irú owó kan sílẹ̀, tàbí tí àdéhùn wà láàárín Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè tí olówó ń gbé, ìgbà náà nìkan ni iye yẹn lè dín kù tàbí kó má sí rárá.

Ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ yìí lé asanwó lọ́wọ́ ni pé IRS kò lè wá kan ilẹ̀kùn yín ní Mókólá láti béèrè owó orí. Asanwó ló wà nítòsí wọn, òun ni wọ́n sì dì mú. Bí kò bá yọ ọ́, àpò tirẹ̀ ni wọ́n ti máa gbà á. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ òṣìṣẹ́ áàpù kankan tó máa mú kó fi yín sílẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé orí gbogbo owó náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Owó tí ẹ ná kí ẹ tó rí èrè, bí iye tí ilé ìfowópamọ́ gbà lọ́wọ́ yín láti fi dọ́là ránṣẹ́ tàbí owó tí ẹ san fún àwọn òṣèré inú fíìmù yín, kò kan ìṣirò yẹn.

Mo ní ìpín Coca-Cola 100. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ní ọdún 2025, sẹ́ńtì 51 ni Coca-Cola ń san lórí ìpín kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìpín 100 yóò mú dọ́là 51 wá. Ìdá 30 nínú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 15 àti sẹ́ńtì 30, ìyẹn ni IRS máa gbà. Ohun tó máa hàn sí yín jẹ́ dọ́là 35 àti sẹ́ńtì 70. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń san án lọ́dún, nítorí náà nínú dọ́là 204 tí ìpín yín pa, dọ́là 61 àti sẹ́ńtì 20 lọ fún owó orí, 142 àti sẹ́ńtì 80 ló sì bọ́ sí yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá sọ fún áàpù pé kó máa fi èrè yẹn ra ìpín mìíràn fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kí wọ́n má yọ owó orí. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ dọ́là 15 àti sẹ́ńtì 30, 35 àti sẹ́ńtì 70 ni wọ́n á sì fi ra ìpín. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ wò dáadáa: ó yẹ kí ìlà méjì wà fún èrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún odindi owó, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n yọ. Bí ẹ bá rí ìlà kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n fi èkejì hàn yín, torí láìsí i ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìdá 30 ni wọ́n yọ lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìpín Coca-Cola 100 bíi tèmi, ìdá 15 ni wọ́n ń yọ nínú tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni àwa méjèèjì. Kí ló fà á?

Ibi tí ènìyàn ń gbé, tó sì ti ń san owó orí, ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn owó orí wà láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001. Àdéhùn náà ní kí owó orí lórí èrè ìpín tí ẹnì kan ní má ju ìdá 15 lọ. Fún ìdí èyí, dọ́là 7 àti sẹ́ńtì 65 ni wọ́n yọ nínú dọ́là 51 ti ẹ̀gbọ́n yín, ó sì mú 43 àti sẹ́ńtì 35 lọ sílé. Nínú àdéhùn kan náà, owó ẹ̀tọ́ tí ará Gẹ̀ẹ́sì ń gbà láti Amẹ́ríkà kò ní owó orí àyọsílẹ̀ rárá.

Láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ní tirẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Faransé, Ṣáínà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, Mòrókò, Tùnísíà àti Gúúsù Áfíríkà ló ní i. Àwọn ènìyàn wa ní Kútọnu àti Lómé wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú wa, ìdá 30 ni tiwọn pẹ̀lú. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ìjọba méjì ló lè tún un ṣe; kò sí ohun tí ẹni tó ní ìpín 100 lè kọ sínú fọ́ọ̀mù tó máa dá àdéhùn tí kò sí sílẹ̀.

Ẹnì kan ní òun lè bá mi fi àdírẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù kún W-8BEN, fọ́ọ̀mù tí áàpù fi ń béèrè ibi tí mo ń gbé, kí tèmi náà lè di ìdá 15. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ ti máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ kọ, àti pé ẹ mọ̀ pé ìbúra èké ni bí ó bá jẹ́ irọ́, tí ìyà sì wà fún un lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò sí níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, irọ́ náà kì í pẹ́ tú. Nọ́ńbà fóònù yín jẹ́ ti Nàìjíríà, ilé ìfowópamọ́ yín wà ní Nàìjíríà, ìwé ìdánimọ̀ tí ẹ fi ṣí àkáǹtì jẹ́ ti Nàìjíríà. Irú àwọn nǹkan wọ̀nyí lè mú kí alágbàtà tó ni áàpù yín tún fọ́ọ̀mù wò. Bí wọ́n bá rí i pé kò bára mu, wọ́n lè ti àkáǹtì pa títí ẹ ó fi mú ẹ̀rí wá pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń gbé, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rí yẹn mú wá.

Bí fọ́ọ̀mù W-8BEN kò bá dín ìdá 30 kù fún mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ìbéèrè tó dára gan-an ni. W-8BEN ń ṣe iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń sọ fún asanwó pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Èkejì ni pé ẹni tó bá ní àdéhùn lè fi gba àǹfààní rẹ̀. Ìkejì yẹn ni kò kàn yín. Àkọ́kọ́ ló kàn yín, ó sì ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Bí asanwó kò bá ní ìwé yìí lọ́wọ́, òfin lè mú kó kà yín sí ará Amẹ́ríkà tó kọ̀ láti sọ ara rẹ̀. Owó orí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá 24. Ní ojú, ó jọ pé 24 kéré sí 30. Ṣùgbọ́n ìdá 24 yìí lè kan àwọn owó tí àjèjì kì í san owó orí lé lórí rárá: èlé, odindi owó tí ẹ ta ìpín, àti, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú, owó YouTube tí àwọn òǹwòran ní Èkó mú wá. Ohun tí fọ́ọ̀mù yìí ń ṣe fún ará Nàìjíríà nìyẹn: ó ń mú kí ìdá 30 dúró síbi tí òfin fi í sí, kó má bàa tàn dé ibi tí kò yẹ.

Báwo ni mo ṣe máa kún un?

Orí áàpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kún un, wọn kì í sì í kà á kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Ìlà 1 jẹ́ orúkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀. Ìlà 2 jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ìlà 3 ni ilé tí ẹ ń gbé gan-an, pẹ̀lú orúkọ òpópónà. Wọn kì í gba àpótí ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gba àdírẹ́sì "nípasẹ̀ ẹnì kan". Ìlà 5 wà fún nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wa kò ní i, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìlà 6a ni ẹ ti máa kọ nọ́ńbà owó orí Nàìjíríà yín. Ìlà 8 jẹ́ ọjọ́ ìbí, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé: oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá yóò kọ 11-04, kì í ṣe 04-11.

Ìlà 9 ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ó ní kí ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé tó ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí àlàfo, wọ́n sì kọ "Nigeria" sí i. Kò sí àdéhùn, nítorí náà kò sí ohun tó yẹ kí ẹ kọ níbẹ̀. Ìlà 9 àti 10 gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n lè dá fọ́ọ̀mù padà, nígbà tí ẹ bá sì ń dúró kó yanjú, ẹni tí kò ní ìwé kankan ni wọ́n máa kà yín sí.

Fọ́ọ̀mù náà kì í ṣiṣẹ́ títí láé. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i, ó máa ń lò dé ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọdún kẹta tó tẹ̀ lé e. Èyí tí ẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2025 yóò parí ní 31 oṣù kejìlá 2028. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò gba owó, kì í ṣe ẹ̀yin gan-an, W-8BEN-E ni tirẹ̀. Ó gùn jù èyí lọ púpọ̀, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dá a kún láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èlé ńkọ́? Ṣé ìdá 30 ni wọ́n ń yọ nínú òun náà?

Ibí ni ìròyìn ayọ̀ wà. Lóòótọ́, òfin gbogboogbòò ní ìdá 30, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fẹ́ kí àjèjì máa yá òun lówó, wọ́n sì ti yọ èlé tó wọ́pọ̀ jù sílẹ̀. Èlé tí ilé ìfowópamọ́ Amẹ́ríkà san lórí owó tí àjèjì fi pamọ́ síbẹ̀ kò ní owó orí àyọsílẹ̀. Èlé lórí ìwé owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń yá owó lọ́wọ́ aráyé àti lórí ọ̀pọ̀ ìwé gbèsè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà fún gbogbo ènìyàn kò ní in pẹ̀lú, bí asanwó bá ti ní W-8BEN yín lọ́wọ́.

Ẹni tó ra ìwé owó ìjọba olóṣù mẹ́ta ní dọ́là 990, tí wọ́n sì san 1,000 fún un nígbà tó pé, dọ́là 10 yẹn jẹ́ tirẹ̀ pátá. Bí ó bá jẹ́ pé dọ́là 10 èrè ìpín ni, 7 ló máa rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ibi kan. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í ta ìwé gbèsè fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà ni ìpín nínú àpò ìdókòwò kan tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé gbèsè jọ. Àpò yìí ló ń gba èlé, òun ló sì ń pín in fún yín lóṣooṣù. Nígbà tí owó yẹn bá dé ọ̀dọ̀ yín, orúkọ tó ń jẹ́ ni èrè ìpín, alágbàtà á sì yọ ìdá 30 nínú rẹ̀. Òfin gbà pé apá tó jẹ́ èlé Amẹ́ríkà nínú owó yẹn kò yẹ kó ní owó orí fún àjèjì, bí àpò náà bá kéde iye tí apá yẹn jẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn tí ọdún bá ti parí ni ìkéde tó pé máa ń jáde. Àwọn alágbàtà kan máa ń yọ ìdá 30 jálẹ̀ ọdún, wọ́n á wá dá a padà sí àkáǹtì ní oṣù kìíní tàbí ìkejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn kì í ṣe wàhálà yẹn. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà, ẹ sì béèrè báyìí: "Owó orí tí ẹ yọ nínú èrè àpò ìwé gbèsè, ṣé ẹ máa ń tún un ṣírò lẹ́yìn ọdún?" Bí òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ń gbé fíìmù Yorùbá sórí YouTube. Kí ni owó orí Amẹ́ríkà kàn mí sí? Ilé mi ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Google ka owó tí YouTube ń san fún yín sí owó ẹ̀tọ́: ẹ̀yin lẹ ni fíìmù, wọ́n ń lò ó, wọ́n ń san ẹ̀tọ́ yín. Òfin Amẹ́ríkà sì sọ pé ibi tí wọ́n ti lo ohun náà ni owó ẹ̀tọ́ ti wá. Kò kan ibi tí ẹ ti ya fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ibi tí ẹ ti jókòó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí òǹwòran jókòó sí. Láti oṣù kẹfà 2021 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọn kì í gbé ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìkànnì yín pa dọ́là 1,000 lóṣù kan. Àwọn ọmọ wa ní Houston, Atlanta àti Maryland kì í fi fíìmù Yorùbá ṣeré, ìpolówó tí wọ́n ń fi hàn wọ́n sì gbówó lórí ju ti ilé lọ. Ká ní 400 nínú 1,000 yẹn ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà wá. Ìdá 30 nínú 400 jẹ́ 120. Ohun tó máa dé ọwọ́ yín jẹ́ dọ́là 880. Ẹ rí i pé 600 tó kù, tí Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Tòróńtò mú wá, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Wàyí o, bí ẹ kò bá kún fọ́ọ̀mù owó orí fún Google ńkọ́, tí àkáǹtì yín sì jẹ́ ti ẹnì kan, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́? Google ní òun máa yọ ìdá 24 nínú gbogbo owó, láti ibikíbi tí òǹwòran bá wà. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 240, 760 ló sì kù. Nítorí fọ́ọ̀mù tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ ti pàdánù dọ́là 120 sí i lóṣù kan.

Láti mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é dáadáa, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ lọ sí Analytics, kí ẹ wo iye owó tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú wá. Ẹ mú ti United States, ẹ fi 0.3 sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ẹ wá ṣí ojú ewé owó ní AdSense, kí ẹ wo ohun tí wọ́n yọ fún owó orí. Ó lè má bára mu dé sẹ́ńtì, torí iye tó wà ní Analytics jẹ́ ìfojúdíwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ohun tí wọ́n yọ bá sún mọ́ ìdá 24 nínú gbogbo owó yín, àkókò fọ́ọ̀mù yín ti parí tàbí kò wọlé. "Manage tax info" ni ẹ ti máa tún un ṣe, nínú ètò ìsanwó AdSense.

Bí mo bá ta ìpín mi ní èrè, ṣé ìdá 30 wà nínú ìyẹn?

Rárá. Èrè tí àjèjì tó ń gbé ní Nàìjíríà jẹ lórí títa ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bíi Apple tàbí Coca-Cola kò ní owó orí àyọsílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó rà á ní 100 tó tà á ní 150, 50 rẹ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ tí kì í pín èrè, tó ń fi owó rẹ̀ fẹ iṣẹ́ lójú, fi lè sàn fún ará Nàìjíríà ju èyí tó ń pín in ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta lọ, bí gbogbo nǹkan mìíràn bá dọ́gba. Òfin mìíràn wà fún ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ilẹ̀ àti ilé ní Amẹ́ríkà ni ọrọ̀ rẹ̀, àti fún ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ lọ́dún kan.

Gbogbo ìpín tí wọ́n ń tà ní New York ni ìdá 30 kàn?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Shell àti Unilever wà lọ́jà New York, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í yọ owó orí nínú irú èrè ìpín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n yọ ìdá 30 nínú èrè Shell, ẹ fi ẹjọ́ sun alágbàtà yín.

Mo ti japa. Mo wà ní Manchester báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kún W-8BEN tuntun. Òfin fún yín ní ọjọ́ 30 láti sọ fún asanwó pé ipò yín ti yí padà. Nígbà tí ẹ bá ti di ẹni tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì fún owó orí, ẹ lè kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìlà 9, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà owó orí tí wọ́n fún yín níbẹ̀ sí ìlà 6a. Láti ìgbà náà ni èrè ìpín yín yóò ti di ìdá 15. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló japa tí wọ́n gbàgbé pé áàpù tí wọ́n fi sílẹ̀ ń yọ ìdá 30 títí dòní.

Ẹni tó padà wálé náà ní ojúṣe kan náà. Bí ẹ bá ti kó padà sí Ìbàdàn, tí ìdá 15 sì ń bá a lọ, owó tí kò tọ́ sí yín lẹ ń gbà. Ẹ sọ fún wọn.

Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà gan-an ni ẹ japa lọ, tí ẹ sì ti di ẹni tó ń gbé níbẹ̀ fún owó orí, W-8BEN kì í ṣe tiyín mọ́. W-9 ni ẹ máa kún. Wọn kò ní yọ ìdá 30 mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo owó tó ń wọlé fún yín níbi gbogbo láyé, títí kan owó ilé tí ẹ fi háyà ní Ṣàgámù, ló di ohun tí ẹ máa sọ fún IRS.

Wọ́n ti yọ jù nínú owó mi. Báwo ni mo ṣe máa gbà á padà?

Bí ọdún kò bá tíì parí, ọ̀dọ̀ asanwó ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Òfin gbà á láyè láti dá ohun tó yọ ṣì padà fún yín kó sì tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, títí di nǹkan bí àárín oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí ló rọrùn jù, ẹ yára sí i.

Lẹ́yìn ìgbà náà, IRS nìkan ló kù. Ẹ ó kún Form 1040-NR, ẹ ó so ìwé tó fi ohun tí wọ́n yọ hàn mọ́ ọn, ẹ ó sì nílò nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi Form W-7 béèrè. Ó máa ń pẹ́. Fún ẹni tí wọ́n yọ dọ́là 12 jù lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí yóò ná lórí ìwé á ju ohun tí yóò gbà lọ. Fún oníkànnì YouTube tí wọ́n yọ ìdá 24 nínú gbogbo owó rẹ̀ fún odindi ọdún, ó tó ohun tí ènìyàn ń jà fún.

Wọ́n fi ìwé kan tó ń jẹ́ 1042-S ránṣẹ́ sí mi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìwé yìí ni ẹ̀rí pé owó orí tí wọ́n yọ dé ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní orúkọ yín. Àpótí 1 ń sọ irú owó tó jẹ́: 06 dúró fún èrè ìpín, 29 fún èlé ilé ìfowópamọ́. Àpótí 2 ni odindi owó, àpótí 7a sì ni ohun tí wọ́n yọ. Ẹ pín ti 7a pẹ̀lú ti 2. Bí kò bá fún yín ní 0.30 lórí èrè ìpín, ẹ béèrè ìdí.

Iṣẹ́ rẹ̀ tún wà nílé. Òfin owó orí tuntun Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2026, ó sì ní kí ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà máa kéde owó tó ń wọlé fún un láti ibi gbogbo láyé. Ìdá 30 tí Amẹ́ríkà yọ kò pa ojúṣe yẹn rẹ́. Ẹ mú 1042-S dání lọ bá oníṣirò owó yín, kó lè rí ohun tí ẹ ti san kó tó ṣírò ohun tó kù.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo sì ní ìpín ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà. Ṣé àdéhùn Nàìjíríà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì máa dín owó orí mi kù?

Kò ní dín in. Ìdá 10 ni Nàìjíríà ń yọ nínú èrè ìpín, wọ́n sì ń yọ ọ́ kí owó tó dé àkáǹtì yín. Àdéhùn àwọn méjèèjì ní òkè tí owó orí yẹn kò gbọ́dọ̀ kọjá, òkè náà sì ga ju ìdá 10 lọ. Iye tí òfin ilé sọ ló kéré jù, òun ni wọ́n máa lò. Bí èrè yín bá jẹ́ náírà 50,000, náírà 45,000 ló máa wọlé.

Ibi tí àdéhùn yẹn ti wúlò fún yín ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kéde náírà 50,000 pé, kì í ṣe 45,000, kí ẹ sì fi 5,000 tí wọ́n ti yọ nílé dín ohun tí ẹ máa san lórí owó kan náà níbẹ̀ kù. Bí owó orí Gẹ̀ẹ́sì lórí owó yẹn bá kéré sí 5,000, wọn kò ní dá ìyókù padà. Ìwé èrè tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rí yín, ìlà tí wọ́n kọ owó orí sí wà lábẹ́ odindi owó. Bí owó bá ń wọ àkáǹtì yín láìsí ìwé náà, ẹ kọ ìwé sí wọn kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín.